Ọmọ ọkọ mi ń kọ gbogbo oore tí mo ṣe fún un: ṣé láádá mi ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Asalaamu alaykum, Ààfáà. Ọkọ mi ti bí ọmọbìnrin kan kó tó fẹ́ mi. Ọmọ ọdún 11 ni, ìyá rẹ̀ wà láyé, àmọ́ wọ́n ti kọ ara wọn. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, kò ní jẹ ẹ́. Mo rán aṣọ Iléyá fún un, ó jù ú sórí àga, ó ní òun ò bẹ̀ mí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi gan-an. Ṣé mo ti pàdánù láádá mi nìyẹn? Ṣé mo sì lè jáwọ́?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam. Ẹkún yẹn ò ba láádá kankan jẹ́, arábìnrin mi. Ó máa ń dun èèyàn tí wọ́n bá dá ẹ̀bùn rẹ̀ padà, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sọhábà kan tó ń jẹ́ Sa'bu ọmọ Jathaamọ mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú igbó wá ta Ànábì lọ́rẹ, Ànábì sì dá a padà. Nígbà tó rí bí ojú ọkùnrin náà ṣe yí padà, ó sọ ìdí rẹ̀ fún un pé àwọn wà nínú hárámì ni àwọn ò fi gbà á. Bùhárí àti Múslímù ló gbà á wá. Ànábì ò bá a wí pé kí ló ń bà á nínú jẹ́.

Ohun tó ń ba oore jẹ́ ni ìregún. Nínú Súrátul-Bakọra, áyà 264, Ọlọ́hun ní kí àwa onígbàgbọ́ má fi ìregún àti ìnira ba sàárà wa jẹ́. Nítorí náà, ìbínú tó wà nínú ọkàn yín kọ́ ló léwu bí kò ṣe gbólóhùn tó lè tẹ̀ lé e: "Owó ara mi ni mo fi rán an fún ẹ o." Bí ẹ bá sọ ọ́ fún ará ilé mìíràn kí ó lè padà dé etí ọmọ, ìregún náà nìyẹn. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí ẹ má sì tún un sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ọmọ náà wò. Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa: ṣé ó máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tí kì í gbà lọ́wọ́ yín? Ṣé oúnjẹ tó kọ̀ lójú yín, ó máa ń jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ máa ń le sí i tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ dé? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀yin ló kórìíra. Ẹ̀rù ló ń bà á pé tí òun bá gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, òun ti ta ìyá òun nù nìyẹn. Bí inú yín bá ṣe dùn tó nígbà tí ẹ ń gbé e fún un ni ẹ̀rù náà ṣe máa ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀bùn ńlá fi máa ń le ju kékeré lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ gbogbo èèyàn ló ń kọ nǹkan lọ́wọ́ wọn, títí kan bàbá rẹ̀, tí kò jẹun dáadáa, tí kò sì sùn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Kí bàbá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ má bá ìyá rẹ̀ du ipò. Súrátul-Ahsáábù, áyà 5, pa á láṣẹ pé kí á máa fi orúkọ bàbá tó bí wọn pe àwọn ọmọ tí a gbà tọ́. Ẹni tó ń wo ọmọ kò gba ipò òbí tó bí i. Dandan kọ́ ni kí ọmọ ọkọ yín pè yín ní "Màmá". Orúkọ tí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ bá fẹnu kò sí, tó sì ní ọ̀wọ̀ nínú, ti tó.

Ànábì náà tọ́ ọmọ ìyàwó. Nígbà tó fẹ́ Úmmù Sálámà, ìyá náà ti ní ọmọ fún Àbú Sálámà tó ti kú. Ọ̀kan nínú wọn, Úmárù, sọ pé ọmọdé ni òun lọ́wọ́ Ànábì, ọwọ́ òun sì ń rìn káàkiri inú àwo oúnjẹ. Ànábì sọ fún un pé kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kí ó sì jẹ níbi tó súnmọ́ ọn. Ó ní bí òun ṣe ń jẹun látìgbà náà nìyẹn. Ẹ wo bó ṣe rí: àwo kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, ẹ̀kọ́ náà kúrú, Ànábì ò sì béèrè bóyá ọmọ náà fẹ́ràn òun. Títí dòní, ọmọ Àbú Sálámà la ṣì ń pè é.

Ẹ gbé oúnjẹ yín gba ọ̀nà yẹn. Ẹ má gbé àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀ wá bá a mọ́, kí ẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà máa bi í bóyá ó dùn. Ẹ gbé e sílẹ̀ fún gbogbo ilé, kí bàbá rẹ̀ dárúkọ Ọlọ́hun, kí ẹ̀yin náà jókòó jẹun, kí ojú yín má sì wà lára ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá jẹ, ẹ bo tirẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti lè mú un fúnra rẹ̀. Tí àwo bá ṣófo lọ́jọ́ kejì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan.

Ní ti aṣọ, ojúṣe bàbá rẹ̀ ni láti wọ ọmọ rẹ̀ láṣọ, kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó tiyín kún un, sàárà ni, ẹ sì máa gba láádá rẹ̀. Saynábù ìyàwó Ibn Mas'uudu béèrè bóyá ohun tí òun ń ná lé ọkọ òun àti àwọn ọmọ òrukàn tó wà lọ́dọ̀ òun lórí tó ní sàárà. Ànábì ní láádá méjì ni yóò gbà: ti ìbátan àti ti sàárà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ bi í nípa àwọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n tó rà á, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un. Kó má ṣe purọ́ pé òun nìkan ló rà á o. "Aṣọ rẹ rèé" ti tó. Èyí tó jù sórí àga, ẹ ká a sínú àpótí rẹ̀. Ẹ má gbé e fún ọmọ mìíràn lójú rẹ̀.

Ẹ wá béèrè bóyá ẹ lè jáwọ́. Ẹ lè dá ẹ̀bùn dúró fún oṣù mélòó kan, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ó tiẹ̀ máa ń dín ìnira tó wà lọ́kàn ọmọ kù. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dá dúró ni salaamu: ẹ máa kí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọlé, ì báà dáhùn, ì báà má dáhùn. Bí kò bá tíì bàlágà, Ọlọ́hun ò ní kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn lórí èyí, àmọ́ ó ṣì yẹ kí wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀. Bàbá rẹ̀ ni kó kọ́ ọ, ẹ̀yin kọ́. Ẹ sọ fún un nígbà tí ọmọ ò sí nítòsí, ẹ má pè é ní ọmọ burúkú, ohun tó ṣe gan-an ni kí ẹ sọ: "Ó ju aṣọ sílẹ̀, ó ní òun ò bẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pé bí kò bá tiẹ̀ fẹ́ nǹkan, kó sọ pé 'ẹ ṣeun, mi ò fẹ́'." Sísọ èyí fún ọkọ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, nítorí òun ló lè tún un ṣe. Hindu ìyàwó Àbú Sufiyaanu náà lọ fi ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń háwọ́ sun Ànábì, Ànábì ò sì bá a wí.

Gbólóhùn "ẹ ṣeun, mi ò fẹ́" yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ máa retí lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti ń sọ ọ́ láìpariwo, ẹ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní nǹkan kéékèèké.