P/E kékeré àti ohun tí ó lè fi pamọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ ra ìpín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Obì ni mo ń tà ní Sábó, Ṣágámù. Mo fẹ́ fi owó díẹ̀ ra ìpín iléeṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Alágbàtà ìpín kan ní kí n ra ti iléeṣẹ́ kan, pé P/E rẹ̀ jẹ́ 8 péré, pé ọ̀pọ̀ ni. Kí ni kí n wò nínú ìwé wọn kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà 8 yẹn túmọ̀ sí pé iye tí ẹ ó fi ra ìpín kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ èrè tí ìpín náà pa láàárín ọdún kan. Iye tí ìpín ń lọ lọ́jà kò ṣòro í mọ̀. Èrè ni kí ẹ tẹjú mọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo èrè ni yóò tún wọlé ní ọdún tí ó ń bọ̀. Ẹ ní kí alágbàtà yín fi ìwé ìṣirò owó ọdún mẹ́ta ránṣẹ́, èyí tí àwọn aláyẹ̀wò ti fọwọ́ sí, tàbí kí ẹ wá a lórí ìkànnì ngxgroup.com.

Ẹ jẹ́ kí a fi iléeṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ní ìpín bílíọ̀nù 2 lóde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ ní ₦24. Èrè rẹ̀ lẹ́yìn owó orí jẹ́ ₦6 bílíọ̀nù, ìyẹn ₦3 fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi 3 pín 24, ẹ ti rí 8 tí wọ́n sọ fún yín nìyẹn.

Ẹ wá fi ojú tẹ̀lé bí wọ́n ṣe dé ₦6 bílíọ̀nù náà. Òwò iléeṣẹ́ náà gan-an mú èrè ₦6 bílíọ̀nù wá. Lábẹ́ rẹ̀, níwájú “Other income”, ìyẹn owó tí kì í ṣe òwò wọn gan-an ló mú un wá, ẹ rí ₦4 bílíọ̀nù. Èlé gbèsè, tí ó wà níwájú “Finance costs”, mú ₦3 bílíọ̀nù lọ, owó orí sì mú ₦1 bílíọ̀nù. Nọ́ńbà kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ “Other income”. Ẹ tẹ̀lé e dé ibi àlàyé lẹ́yìn ìwé náà, ẹ ó sì rí i pé ilẹ̀ ni wọ́n tà. Bí ìgbà tí ẹ ta ilé tí ẹ ń kó obì sí, tí ẹ wá ka owó rẹ̀ mọ́ èrè obì, ni ó rí. Ilẹ̀ náà kò sí mọ́ tí wọn yóò tún tà. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, tí a fi owó orí sílẹ̀ bí ó ti wà kí ìṣirò má baà lọ́jú pọ̀, ₦2 bílíọ̀nù ló kù, ìyẹn ₦1 fún ìpín kọ̀ọ̀kan. P/E tòótọ́ ti di 24 nìyẹn. Ìpín náà kì í ṣe ọ̀pọ̀ rárá.

Gbèsè ló kàn. Ẹ fi èlé ₦3 bílíọ̀nù pín èrè òwò ₦6 bílíọ̀nù, 2 ni ẹ ó rí: ìdajì èrè òwò ni àwọn tí wọ́n yá wọn lówó ń kó lọ. Ní tèmi, bí nọ́ńbà yìí kò bá tó 3, n kì í ní kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rà á. Ká ní gbèsè náà jẹ́ ₦15 bílíọ̀nù ní èlé 20 nínú ọgọ́rùn-ún; bí èlé bá gòkè dé 30, ₦4.5 bílíọ̀nù ni wọn yóò máa san, èrè tí ó kù kí wọ́n tó san owó orí, láìka owó ilẹ̀ náà, yóò sì já sí ìdajì, láìjẹ́ pé oníbàárà kankan sá. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: ìwọ̀n èlé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbéra láti 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ó sì dé 27.5 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024.

Ẹ tún wo ibi àlàyé “Borrowings”, níbi tí wọ́n ti ń kọ irú owó tí wọ́n yá àti ìgbà tí wọn yóò san án. Bí dọ́là bá wà níbẹ̀, ẹ rántí ọdún 2023. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí ₦460 kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ti kọjá ₦900 kí ọdún náà tó parí, gbèsè dọ́là sì di ìlọ́po méjì nínú ìwé tí wọ́n fi náírà ṣe. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan tí ọjà wọn ń tà dáadáa kéde àdánù lọ́dún náà. Bí iléeṣẹ́ bá sì pàdánù, P/E rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan.

Ohun kan ṣì kù tí kò gba àkókò: ẹ wo “Net cash from operating activities”, ìyẹn owó tí òwò wọn mú wọlé ní tòótọ́, fún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí èrè bá ń pọ̀ sí i ṣùgbọ́n tí owó yìí ń dínkù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa tà láwìn, kí owó wọn wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta obì mọ ohun tí ìyẹn ń fà.

Ẹ fi P/E tí ẹ bá fúnra yín ṣírò wé ti àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe òwò kan náà, nítorí pé ti báńkì àti ti iléeṣẹ́ oúnjẹ kì í sábà bára mu. Lẹ́yìn náà, ẹ bi alágbàtà yín pé èrè ọdún wo ni ó fi rí 8 yẹn, àti pé kí ló wà nínú “Other income” ọdún náà. Bí kò bá lè fi ojú ìwé rẹ̀ hàn yín, ẹ má tíì sanwó.