Kí ló dé tí wọn kò pààrọ̀ ámífotẹ́rísìn fún ẹ̀gbọ́n mi?

Ìbéèrè: "Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní kirípítókọ́kọ́ọ̀sì ló wọ ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ọjọ́ karùn-ún rèé tó ti ń gba oògùn ámífotẹ́rísìn. Kiriatiníìnì rẹ̀, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń fọ̀ jáde, kúrò ní 0.9 ó di 1.9, pòtásíọ̀mù sì wálẹ̀ sí 2.9. Oògùn kásípofọ́njíìnì ni wọ́n ń fún ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kíndìnrín onítọ̀hún kò sì ṣe nǹkan kan. Ṣé wọn ò lè fún òun náà? Ó tún ń lo wáfárìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì ní ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Kásípofọ́njíìnì kò lè wo àìsàn tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Ibi tí oògùn kọ̀ọ̀kan ti ń gbá fọ́ńgọ́ọ̀sì mú ló fà á, ibẹ̀ náà sì ni ìpalára rẹ̀ sí ara wa ti ń wá.

Sẹ́ẹ̀lì fọ́ńgọ́ọ̀sì ní ògiri líle níta, awọ fẹ́lẹ́ kan sì wà lábẹ́ ògiri náà. Ògiri yẹn ni kásípofọ́njíìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí à ń pè ní ẹkaínokáńdíìnì, ń bá jà. Wọ́n ń dá ẹ́ńsáìmù tó ń hun bẹ́tà-gulukáànì dúró, okùn tí ògiri náà fi lágbára. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò ní ògiri rárá, ìdí nìyẹn tí kíndìnrín aládùúgbò yín fi wà ní àlàáfíà. Ohun tí a sábà máa ń rí ni kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ gòkè díẹ̀, tàbí kí awọ ojú pupa kí ara sì máa yún bí oògùn bá yára wọlé jù. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kańdídà ló mọ̀ ọ́n pa dáadáa. Kirípítókọ́kọ́ọ̀sì kì í kú sí i lọ́wọ́, oògùn náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú ọpọlọ.

Ámífotẹ́rísìn, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn pólíìnì, ń kọjá ògiri lọ bá awọ. Ó ń so mọ́ ẹgọ́sítẹ́róòlù, ọ̀rá tó mú awọ fọ́ńgọ́ọ̀sì dúró, awọ á sì máa jò títí sẹ́ẹ̀lì á fi kú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé awọ sẹ́ẹ̀lì tiwa ní kọlẹ́sítẹ́róòlù, tó jọ ẹgọ́sítẹ́róòlù bí ẹni jọ àbúrò rẹ̀. Ẹgọ́sítẹ́róòlù ni oògùn náà fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n kì í fi tiwa sílẹ̀ pátápátá. Ó ń mú kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ kíndìnrín sún kì, kiriatiníìnì á gòkè. Ó tún ń mú kí àwọn ọ̀nà ìtọ̀ inú kíndìnrín jò, pòtásíọ̀mù àti magnísíọ̀mù á bá ìtọ̀ lọ. Nọ́ńbà méjèèjì tí ẹ kọ rèé. Ibà àti gbígbọ̀n tó máa ń dé láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á sára kò burú tó èyí.

Ẹ bi àwọn dókítà bóyá wọ́n ń fún un ní omi iyọ̀, nǹkan bíi lítà kan, kí oògùn tó wọlé lójoojúmọ́. Ó ń dáàbò bo kíndìnrín gan-an. Omi ṣúgà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi po oògùn fúnra rẹ̀, torí inú omi iyọ̀ ńṣe ló máa dì. Ẹ tún bèèrè magnísíọ̀mù: bí ó bá kéré, pòtásíọ̀mù tí wọ́n ń fún un kò ní dúró lára. Bí kiriatiníìnì bá ti di ìlọ́po méjì, bí ti ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n lè fo ọjọ́ kan, kí wọ́n fi kún omi, tàbí kí wọ́n lọ sí ámífotẹ́rísìn tí wọ́n fi ọ̀rá dì, tó rọ kíndìnrín lọ́rùn jù. Èyí ni ìpààrọ̀ tí mo máa fẹ́ kí ẹ bèèrè. Ìwọ̀n méjèèjì kò dọ́gba o: 1 mg fún kílò kan ara lóòjọ́ ni ti àtijọ́, ti ọlọ́ràá máa ń tó 3 tàbí 4. Ẹni tó bá ṣi wọ́n mú, tó fi ìwọ̀n ti ọlọ́ràá fún aláìsàn ní ti àtijọ́, lè pa á.

Lẹ́yìn èyí, oògùn fulukónásóòlù ló sábà máa ń kàn, fún oṣù púpọ̀. Ásóòlù ni. Kì í fọwọ́ kan awọ. Ẹ́ńsáìmù tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń ṣe ẹgọ́sítẹ́róòlù ló ń dí lọ́wọ́. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó jẹ́ ẹbí ìyẹn wà nínú ẹ̀dọ̀ wa, àwọn ló ń fọ́ wáfárìn túútúú. Bí fulukónásóòlù bá dí wọn, wáfárìn á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún un, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà lára rẹ̀. Ẹ rán dókítà létí wáfárìn yìí kí fulukónásóòlù tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè dín in kù, kí wọ́n sì máa wo INR, àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, lemọ́lemọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹyinjú tó pọ́n bí àtalẹ̀ pupa túmọ̀ sí pé ẹ̀dọ̀ ti ń jìyà. Fulukónásóòlù tún lè da ìlù ọkàn rú, àìtó pòtásíọ̀mù náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n gbé 2.9 yẹn sókè ní báyìí, kí wọ́n sì ya àwòrán ìlù ọkàn rẹ̀ kí ó tó gbé kóró àkọ́kọ́ mì.