Ìrọ̀lẹ́, òjò ń rọ̀: kí ni kámẹ́rà máa rí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo kọ “Ìta, ìrọ̀lẹ́, òjò ń rọ̀” sórí ìran fíìmù tí ìyá kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ní Ìbàdàn, tó ń retí ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí oòrùn aláwọ̀ wúrà tàn sí i lójú. Ayàwòrán wa ní kí n lọ tún un kọ. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òjò yẹn àti wúrà yẹn ló ń bá ara wọn jà. Bí òjò bá ń rọ̀, ìkùukùu ti bo oòrùn. Gbogbo ojú ọ̀run ni ìmọ́lẹ̀ á ti máa wá, òjìji á pòórá, ojú ìyá náà á sì rí bákan náà lọ́tùn-ún lósì. Mo fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an fún ẹni tó ń dárò, ṣùgbọ́n ó máa ń fà sí búlúù.

Òjò fúnra rẹ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Bí iná bá ti iwájú wá, kámẹ́rà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Mo ti ya òjò gidi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a wo àwòrán náà, aṣọ obìnrin náà rin gbindin, a ò sì rí ohun tó ń rọ̀. Ẹ̀yìn òjò ni kí iná ti wá, kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ṣókùnkùn.

“Ìrọ̀lẹ́” náà ti fẹ̀ jù. Láti bí aago 4:00 là ti ń kíra wa kú ìrọ̀lẹ́, oòrùn ìgbà yẹn sì ṣì ga, ó funfun. Ìgbà tó bá sún mọ́ ilẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá, tí búlúù inú rẹ̀ ń fọ́n dànù lọ́nà, tí pupa àti yẹ́lò á ṣẹ́ kù. Ní Ìbàdàn, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago 6:30 sí 7:00, ó sì ń já wálẹ̀ tààrà, kì í fẹ̀gbẹ́ rìn bíi ti Lọ́ńdọ̀nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 péré lẹ ní. Ọ̀rọ̀ ojú ìwé mẹ́ta kò lè wọ inú rẹ̀.

Bí èmi ì bá ṣe kọ ọ́ nìyí: “Ìta, oòrùn fẹ́ wọ̀, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Omi ń kán létí páànù.” Jẹ́ kí ìyá náà dákẹ́ níbẹ̀, kó ṣáà máa wo ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, kó sọ ọ́ nínú ilé. Ilẹ̀ tútù á máa dá ìmọ́lẹ̀ padà, wúrà náà á sì di ìlọ́po méjì.

Ẹ má dúró de òjò gidi o. Òjò oníjì tiwa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, ó sì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà bó bá ti dá lọ́dọ̀ yín, ìkùukùu rẹ̀ lè ṣì dí oòrùn tó ń wọ̀. Ẹ wá ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ yan ọjọ́ tí ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sì ti da omi sórí páànù àti sí àgbàlá kó tó di aago 6:00.