Ìránnilétí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó ń wáṣẹ́ sí Nàìjíríà láti òkè òkun

“Ìlú ọba ni mo wà, iṣẹ́ nílé, ní Nàìjíríà, ni mò ń wá, ì báà jẹ́ Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi aláàmù sí fóònù pé kí n máa kọ̀wé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó bá ti dún mo kàn máa ń pa á ni. Àwọn ibi tí mo ti kọ̀wé sí pàápàá, mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n bi wọ́n mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?”

Ẹ kú wàhálà o. Aláàmù yẹn ò sọ nǹkan tẹ́ ẹ máa ṣe gan-an ni. Ẹ sọ ọ́ di méjì: alẹ́ Sọ́ńdè fún ìwé tuntun, àárọ̀ Túsìdeè fún bíbéèrè àwọn ti tẹ́lẹ̀ (Mọ́ńdè kọ́, bí mo ṣe mọ àwọn ọ́fíìsì Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mítìn ni wọ́n máa sọ pé ọ̀gá wà). Lórí Google Calendar, ẹ mú Weekly, kẹ́ ẹ wá fi Time zone sí Lagos, torí ìgbà ooru aago wa dọ́gba, àmọ́ láti ìparí Òkítóbà tilé á fi wákàtí kan ṣíwájú tiyín, tẹ́ ẹ bá fi í sí aago tiyín, aláàmù aago mẹ́sàn-án á wá máa dún nígbà tí aago mẹ́wàá ti lù nílé.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa béèrè ló le jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka ọ̀sẹ̀ méjì látọjọ́ tí wọ́n fìwé ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ iléewé gíga ò ní wo fáìlì ẹnikẹ́ni àfi tí gbèdéke bá kọjá. Láti ọjọ́ gbèdéke ni kẹ́ ẹ ti máa kà á. Nínú Google Sheets, orúkọ ibẹ̀ ní A, ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ní B, gbèdéke ní C, kẹ́ ẹ wá fi èyí sí D2:

```
=IF(C2="",B2,C2)+14
```

Ká ní ẹ kọ̀wé síbì kan l'Ọ́yọ̀ọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá 2025, gbèdéke wọn jẹ́ ọjọ́ 14. D á gbé ọjọ́ 28 jáde, Fúráìdè nìyẹn, Túsìdeè tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 2 oṣù kejìlá, lẹ máa pè wọ́n. Tó bá jẹ́ B lẹ kà, ọjọ́ 17 ni, gbèdéke ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́jọ́ mẹ́ta, wọn ò tíì to ìwé gan-an.

Ẹ wo déètì dáadáa o. Tí Locale bá jẹ́ United States, 3/11/2025 á di ọjọ́ 11 oṣù kẹta láì pariwo, 14/11/2025 ní tiẹ̀ á lẹ̀ mọ́ apá òsì, D á wá kọ #VALUE!. File > Settings lẹ ti máa yí i, tàbí kẹ́ ẹ kúkú máa kọ ọ́ báyìí: 2025-11-03.

Ibi tí wọ́n bá ti ní ká mú ìwé wá lọ́wọ́, kí ẹni tẹ́ ẹ rán mú ẹ̀dà kan sí i, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí i, kó yà á ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Tẹ́ ẹ bá ń pè, déètì yẹn àti ipò tẹ́ ẹ kọ̀wé fún lẹ máa kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n á tètè rí fáìlì yín. Tí wọn ò bá fèsì, ẹ tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn ìyẹn ẹ kọ “ó parí” sí E kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Tí #VALUE! bá ṣì ń jáde, ẹ ya ojú fóònù yín síbí ká jọ wò ó.