Bí a ṣe ń ka ìwé ẹ̀rí owó orí

"Kọ́ńtírátọ̀ tí mo fẹ́ gbéṣẹ́ fún ti fi ìwé ẹ̀rí owó orí ránṣẹ́. Kí ni kí n wò níbẹ̀?"

Ọdún tí ìwé náà sọ̀rọ̀ lé lórí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìyẹn yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n fún un níwèé. Ká ní wọ́n fún un ní oṣù kìíní 2024, tó sì jẹ́ ti 2021 sí 2023: kò sọ nǹkan kan nípa owó orí 2024. Ohun tó fi hàn ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú, kò jẹ gbèsè owó orí fún ọdún wọ̀nyẹn. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ó mọṣẹ́ o, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kó má jẹ báńkì.

Tí ìwé náà bá kọ iye owó tó wọlé, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ká ní òdo ni wọ́n kọ sí 2022, tí òun fúnra rẹ̀ sì sọ fún yín pé òun kọ́ ilé ńlá kan lọ́dún náà, ẹ bi í léèrè.

Kí orúkọ àti nọ́ńbà owó orí tó wà lórí rẹ̀ bá ti ìwé àdéhùn yín mu délẹ̀délẹ̀. Ìwé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò lè dúró fún ti ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà ìwé náà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àwọn agbowó-orí fúnra wọn.