Íntígíréṣọ̀n arcsin x àti ln x láìkọ́ tébù sórí

«Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa ṣe íntígíréṣọ̀n arcsin x àti ln x láìkọ́ tébù sórí? Wọ́n ní ká pín in sí abala méjì, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí.»

Èkejì wà níbẹ̀, àbúrò: 1 ni. Pe arcsin x ní u, pe dx ní dv, v á sì di x. Arcsin ló gbọ́dọ̀ jẹ́ u. Bí o bá fi ṣe dv, ohun tí o ṣì ń wá gan-an ni wàá nílò kí o tó lè bẹ̀rẹ̀.

Má kọ́ dífí rẹ̀ sórí náà. Bí y bá jẹ́ arcsin x, a jẹ́ pé x = sin y. Dx/dy wá jẹ́ cos y, ìyẹn √(1 − x²). Dojú rẹ̀ dé: du = dx/√(1 − x²). A mú gbòǹgbò tó ju òdo lọ torí pé àárín −π/2 sí π/2 ni y wà, cos kì í sì í bọ́ sábẹ́ òdo níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ò ní ṣàlàyé ìyẹn láéláé; «ó wà nínú tébù» ni tiwọn.

Fi wọ́n sínú ∫ u dv = uv − ∫ v du:

x arcsin x − ∫ x/√(1 − x²) dx

Ibí ni wàhálà wà, rọra ṣe é. Jẹ́ kí w = 1 − x². Dw á jẹ́ −2x dx, torí náà x dx = −½ dw. Èyí tó kù wá di −½ ∫ w^(−1/2) dw. Íntígíréṣọ̀n w^(−1/2) jẹ́ 2√w, kì í ṣe ½√w o. Ìdajì yẹn àti 2 á pa ara wọn, á ku −√(1 − x²). Ṣùgbọ́n fọ́múlà ti fi àyọkúrò kan síwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àyọkúrò méjì sì di àròpọ̀:

x arcsin x + √(1 − x²) + C

Àwọn tó ń máàkì ìwé ò ní wo gbogbo làálàá yẹn bí o bá ṣi àmì yìí. Torí náà, fi 0 sí 1 dán an wò. Gbogbo ààyè abẹ́ ìlà náà wà nínú àpótí tó fẹ̀ ní 1, tó ga ní π/2, nǹkan bí 1.571. Ìdáhùn tó tọ́ jẹ́ π/2 − 1, nǹkan bí 0.571. Bí o bá ṣi àmì, wàá rí 2.571, tó ju àpótí lọ. Bí kakulétọ̀ bá sì gbé 89 jáde, dígíríì ló wà. Yí i sí rédíànì. Ẹ̀wẹ̀, sin⁻¹ x tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe 1/sin x.

Ti ln x ò le: v = x, du = dx/x, ó di x ln x − x + C. Bó bá jẹ́ ln(x + 1), mú v = x + 1 dípò x; dv ṣì jẹ́ dx, ìdá náà á sì pòórá: (x + 1) ln(x + 1) − x + C.