Ẹ tọ́ fọ́tò náà kí ẹ tó gé etí rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo síkáànì fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi. Ó ní etí funfun yíká, ó sì fì díẹ̀ sí ọ̀tún. Mo gé etí yẹn kúrò, mo wá yí i kó lè tọ́, ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣófo. Nígbà tí mo tún un gé, ó gé èjìká màmá mi. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Gígé tí ẹ fi ṣáájú ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí a bá ti yí àwòrán, àlàfo onígun mẹ́ta gbọ́dọ̀ yọ ní àwọn igun rẹ̀. Etí funfun tí a fẹ́ sọnù ló yẹ kí àlàfo yẹn jẹ, kó má kan àwòrán rárá. Nítorí náà, ẹ padà sídìí fáìlì tí síkánà kọ́kọ́ gbé jáde, tí etí ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò tó fẹ̀ ní pikísẹ́lì 1800, tí òkè rẹ̀ fi pikísẹ́lì 31 lọ sílẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Dígírì 1 péré nìyẹn. Bí ẹ bá yí i láti àárín, àlàfo tó máa yọ lókè àti nísàlẹ̀ kò jìn ju bíi pikísẹ́lì 16 lọ. Etí funfun mílímítà 3 tí a síkáànì ní 300 dpi sì tó pikísẹ́lì 35. Ó gbà á, ó tún ṣẹ́kù.

Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ mú irinṣẹ́ Measure, kí ẹ fa ìlà láti igun kan dé èkejì lórí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù. Ojú ibi tí àwòrán ti pàdé funfun ni kí ìlà náà gbà, kì í ṣe etí bébà, torí pé àwòrán lè wọ́ lórí bébà fúnra rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ sún un mọ́ ojú, kí ẹ tún orí ìlà méjèèjì ṣe dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Straighten. Bí kò bá tọ́ tán, ẹ má yí i lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Ẹ tẹ Ctrl+Z, kí ẹ tún un wọ̀n, nítorí gbogbo yíyí ló ń mú àwòrán ṣe bàìbàì díẹ̀ sí i.

Ìgbà yìí ni Crop tó kàn. Ẹ wọ inú àwòrán ní pikísẹ́lì 2 tàbí 3, torí pé funfun àti àwòrán ti pò mọ́ra ní ojú ààlà. Bí ẹ bá sún un dé 200% tí ẹ ṣì rí ìlà tín-ín-rín kan tó mọ́lẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, ẹ kò tíì wọlé tó.

Bí òkè bá tọ́ tí ẹ̀gbẹ́ ṣì fì, yíyí kò lè tún un ṣe. Fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ Perspective ni kí ẹ lò fún un.